Ìdí tí àrá fi ń sán lẹ́yìn mànàmáná, àti bí a ṣe ń mọ bí ìjì ṣe jìnnà tó

Àrá ni ìró tí mànàmáná ń mú jáde nígbà tó bá gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ìgbà kan náà ni méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú máa ń rí ìmọ́lẹ̀ kí etí tó gbọ́ ìró, nítorí pé eré ìmọ́lẹ̀ fi ìlọ́po tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan ju ti ìró lọ. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni a fi ń ṣírò bí mànàmáná náà ṣe jìnnà tó. Ẹni tó bá ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí mànàmáná kọ títí àrá fi sán, tó sì fi mẹ́ta pín iye tó kà, ti rí iye kìlómítà tó wà láàárín òun àti mànàmáná náà.

Bí àrá ṣe ń wáyé

Nínú àwọsánmà òjò tó ga sókè, omi dídì kéékèèké àti yìnyín máa ń kọlu ara wọn, agbára iná á sì máa kó jọ síbẹ̀. Nígbà tí agbára náà bá pọ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè dá dúró lọ, iná á já, á sì gba inú afẹ́fẹ́ lọ sílẹ̀ tàbí sí apá mìíràn nínú àwọsánmà. Ojú ọ̀nà tí iná náà ń gbà kì í fẹ̀ ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ mélòó kan lọ, àmọ́ ó lè gùn tó kìlómítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ tó wà lójú ọ̀nà yìí máa ń gbóná dé nǹkan bíi 30,000°C, èyí tó tó ìlọ́po márùn-ún ìgbóná ojú oòrùn. Ìgbóná náà yára débi pé afẹ́fẹ́ kò ráyè fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣe ló máa ń bú gbàù, táá sì fi agbára ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Títì yìí ló ń di ìgbì líle, tó bá sì ti rin ìwọ̀n mítà díẹ̀, agbára rẹ̀ á dínkù, á di ìró lásán. Ìró náà ni àrá.

Láàárín Yorùbá, Ṣàngó ni a mọ̀ sí ẹni tó ni àrá, ẹdùn àrá ni a sì gbà pé ó ń sọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹdùn àrá tí àwọn àgbẹ̀ ń hú jáde nínú oko jẹ́ àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́, nítorí iná tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú àwọsánmà kì í gbé òkúta dání. Àwọn Gíríìkì náà ní èrò tiwọn. Arisitótù gbà pé àrá ló ń ṣáájú, pé mànàmáná ń tẹ̀ lé e, ó kàn jẹ́ pé ojú máa ń tètè rí ju bí etí ṣe ń gbọ́ lọ. Ó ṣì í lórí èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nípa ojú àti etí kò jìnnà sí òótọ́.

Eré ìmọ́lẹ̀ àti eré ìró

Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kódà bí mànàmáná bá kọ ní kìlómítà 20 sí wa, àkókò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń dé kéré débi pé a lè kà á sí òfo. Ìró ní tirẹ̀ ń falẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tó wà ní 0°C, mítà 331 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe ń gbóná sí i, ìwọ̀n 0.6 mítà ló ń fi kún un fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Ní 27°C, tí kì í ṣe ohun àjèjì ní ìlú wa, eré náà jẹ́ nǹkan bíi mítà 347. Èyí túmọ̀ sí pé ìró nílò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó dín díẹ̀, kó tó rin kìlómítà kan. Ibẹ̀ ni fífi mẹ́ta pín ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ máìlì á fi márùn-ún pín in.

Ẹni tó bá dúró lókèèrè tó ń wo agégi lóko ti rí irú nǹkan yìí: àáké á ti balẹ̀ lára igi, á tún ti ń gòkè padà, kí ìró rẹ̀ tó dé etí. Ní ọdún 1738, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé lo ọgbọ́n kan náà láti wọn eré ìró. Wọ́n yin àgbá lóru nítòsí Párísì, àwọn kan sì dúró sí òkè mìíràn tó jìnnà, wọ́n ń ka àkókò láti ìgbà tí iná àgbá bù yẹ̀rì títí ìró rẹ̀ fi dé. Wọ́n mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, eré ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ń ka àrá mọ eré ìró, bó ṣe jìnnà tó ló ń wá.

Ìṣírò kan ní Ìbàdàn

Ká ní ẹnì kan wà ní Bódìjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, tí òjò ṣú dùdù ní apá ìlà-oòrùn. Apá ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjì tó lágbára ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àsìkò òjò ti máa ń wá sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Mànàmáná kọ yẹ̀rì, ó sì tẹ aago fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 24, àrá sán. Bó bá fi mẹ́ta pín 24, á rí kìlómítà 8. Tó bá fẹ́ ṣe é fínnífínní, á fi 347 sọ 24 di púpọ̀, yóò rí mítà 8,328. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan tó yẹ kéèyàn máa dààmú lé lórí.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún kà, ó sì rí ìṣẹ́jú àáyá 9, ìyẹn kìlómítà 3. Ìjì ti sún mọ́ ọn ní kìlómítà 5 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, eré kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Bí kò bá dẹ̀rìn, yóò dé orí rẹ̀ ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́fà sí i. Ẹni tó bá ṣì rò pé ìṣẹ́jú àáyá kan dúró fún kìlómítà kan, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ gan-an, á sọ pé kìlómítà 9 ló kù, á sì máa fara balẹ̀ ká aṣọ lórí okùn.

Kò dára kéèyàn gbára lé kíkà ẹyọ kan. Ìjì fẹ̀, mànàmáná sì lè kọ níwájú rẹ̀ báyìí, kó tún kọ lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá láìpẹ́. Ó sàn kéèyàn ka mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó sì mú èyí tó kéré jù, torí òun ló ń sọ ibi tí ewu dé. Ẹni tí kò ní aago lọ́wọ́ lè máa ka “àáyá kan, àáyá méjì, àáyá mẹ́ta” láìkánjú. “Ení, èjì, ẹ̀ta” lásán máa ń yá jù, á sì mú kí ìjì dà bí ẹni pé ó jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdí tí àrá fi ń kù fún ìgbà pípẹ́

Mànàmáná kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ àrá rẹ̀ lè máa kù rìrì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Gígùn mànàmáná ló fà á. Bí ìdí rẹ̀ bá wà ní kìlómítà 1 sí wa, tí orí rẹ̀ sì wà ní kìlómítà 5, ìró ti ìdí á dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 3, ti orí á dé lẹ́yìn 15. Láàárín méjèèjì, ìró àwọn ibi yòókù á máa dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí mànàmáná bá sì ti wọ́ tàbí tó ya ẹ̀ka, ìró á lágbára sí i. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ àrá ni kíkà gbọ́dọ̀ dúró, kì í ṣe ibi tó ti pariwo jù. Mànàmáná tó bá kọ nítòsí gan-an máa ń dún ṣáá bí ìgbà tí nǹkan fàya kó tó bú, nígbà tí tòkèèrè kàn máa ń kù.

Ibi tí ìṣírò ti lè ṣini lọ́nà

Nínú ìjì ńlá, mànàmáná lè kọ léraléra débi pé kò ní ṣeé mọ àrá tó jẹ́ ti èwo. Nígbà bẹ́ẹ̀, kò sí ìṣírò tó ṣeé ṣe, àfi kéèyàn gbà pé ìjì ti dé tòsí.

Gíga àwọsánmà ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ọ̀pọ̀ mànàmáná kì í balẹ̀ rárá, inú àwọsánmà ló ń kọ sí, ó sì lè wà ní gíga kìlómítà 6. Bí irú rẹ̀ bá kọ gan-an lókè orí ẹni, àrá rẹ̀ á gba ìṣẹ́jú àáyá 17 kó tó dé ilẹ̀. Ẹni tó bá kà á lè rò pé ìjì ṣì wà ní òdìkejì ìlú, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ gan-an ló dúró sí, tí mànàmáná tó kàn sì lè balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn mànàmáná mìíràn sì wà tí àrá wọn kò ní dé etí rárá. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tutù sí i lókè, ìró ń falẹ̀ sí i níbẹ̀, èyí sì ń mú kó tẹ̀ sókè bó ṣe ń lọ, títí táá fi kọjá lórí àwọn tó wà nílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àrá kì í dé ibi tó ju kìlómítà 25 lọ, ariwo ìlú sì tún ń dín in kù. Ìmọ́lẹ̀ mànàmáná lórí àwọsánmà lálẹ́ ṣeé rí ní ibi tó jìnnà ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí kíkà bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 75, àrá tó bá sán lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ti mànàmáná tí a ń kà.

Ìgbà tó yẹ kéèyàn wọlé

Mànàmáná lè balẹ̀ ní kìlómítà 10 sí ibi tí òjò ti ń rọ̀, nígbà tí ojú ọ̀run ibẹ̀ ṣì mọ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ pé bí kíkà kò bá ti tó 30, kí èèyàn wọlé, kó má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti wá mú un rọrùn sí i: bí o bá ti gbọ́ àrá, wọlé, láìka ohunkóhun. Ilé gidi tàbí ọkọ̀ tó ní òrùlé irin ló ń gbani. Abẹ́ igi àti àtíbàbà ọjà kò lè gba ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ mànàmáná lè má hàn dáadáa. Rédíò tó ń gba ìgbì AM wúlò nígbà yẹn: bí mànàmáná bá kọ, rédíò náà á dún ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé mànàmáná ń tú ìgbì rédíò jáde, eré ìgbì náà sì bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Láti orí ìró yẹn ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ mànàmáná káàkiri ayé náà ń gba ìgbì yìí. Wọ́n gbé wọn sí ibi púpọ̀, wọ́n sì ń fi ìyàtọ̀ tó wà nínú àkókò tí ìgbì kan náà dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ ibi tí mànàmáná ti kọ.