Bí a ṣe ń fi ìlà ìbú àti ìlà òòró mọ apá ayé tí ìlú kan wà àti irú ojú-ọjọ́ rẹ̀

Bí a bá wá ìlú Salvador ní orílẹ̀-èdè Bràsíl lórí àwòrán ilẹ̀ inú fóònù, nọ́ńbà méjì yìí ni a ó rí:

```
-12.97, -38.50
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìlà ìbú, èyí tí ó ń sọ bí ìlú ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó, kì í sì í kọjá 90. Èkejì ni ìlà òòró, tí a ń kà láti Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù títí dé 180. Àmì àyọkúrò tó ṣáájú ìlà ìbú fi hàn pé gúúsù ayé ni ìlú náà wà. Èyí tó ṣáájú ìlà òòró fi hàn pé ó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Èkó, tí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 6.5 àti 3.4, kò ní àmì kankan, nítorí pé àríwá àti ìlà-oòrùn ni ó wà.

Àmì kékeré yìí kì í ṣe ohun à ń fojú fò. Bí ó bá bọ́ lára nọ́ńbà méjèèjì, àríwá Etiópíà ni a ó bá ara wa. Bí a bá sì gbé ìlà òòró ṣáájú ìlà ìbú, àárín òkun Àtìláńtíìkì ni yóò gbé wa lọ, kò sì sí ohun tí yóò ta wá lólobó, nítorí 38.50 kò tíì kọjá 90.

Ìlà ìbú nìkan ni ó ń sọ nípa ojú-ọjọ́. Ayé dà sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì 23.4, ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè dúró gan-an lókè orí láàárín 23.4 ní àríwá àti 23.4 ní gúúsù, agbègbè tí a mọ̀ sí ilẹ̀ olóoru. Salvador wà nínú rẹ̀ dáadáa: oòrùn a máa dé òkè orí ibẹ̀ ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà àti ní àárín oṣù Èrèlé. Nítorí pé gúúsù ni, oṣù Okúdù sí Ògún ni ó máa ń tutù díẹ̀, àkókò tí ooru ń mú ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 23.4 sí 66.6 ni ilẹ̀ tí ìgbà ooru àti ìgbà òtútù ti yàtọ̀ gbangba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ yìnyín.

Ààlà yìí kì í ṣe ògiri. Havana ní Kúbà wà ní 23.1, ilẹ̀ olóoru ni lóòótọ́, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ tútù láti àríwá a máa dé ibẹ̀ nígbà mìíràn ní oṣù Ṣẹrẹ. Ohun tó ń da ìṣirò rú jù ni gíga ilẹ̀, tí nọ́ńbà méjèèjì kò sọ rárá. Quito ní Ẹ̀kúádọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà agbedeméjì, ṣùgbọ́n ó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 2,850 mítà, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń dín kù ní nǹkan bí dígírì 6 fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé aṣọ òtútù ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lálẹ́.