Kíráísìsì fòníkú-fọ̀ladìde nínú ilé

Kíráísìsì ni wọ́n ń pe ìrora òjijì tó máa ń kọlu ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn àgbà mìíràn ṣì ń pè é ní àrọ̀mọ́léegun. Bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára hìmóglóbìn irú ẹni bẹ́ẹ̀, hìmóglóbìn náà á máa so mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa á le, á sì tẹ̀ bíi dòjé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ló ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, tí egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé fi ń roni. Òtútù, òǹgbẹ, ibà àti àárẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á, àmọ́ ó lè dé láìsí ìdí kankan.

Àpẹẹrẹ kan

Ká mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, tó wọ̀n tó kílò 40. Ó fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, kó tó di aago mẹ́sàn-án, ojúgun rẹ̀ méjèèjì ti ń ro ó, bó ṣe máa ń rí bí kíráísìsì bá dé sí i. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe oògùn bí kò ṣe tẹmọ́mítà. Parasitamọ́ọ̀lù máa ń rọ ibà lójú, tí wọ́n bá sì ti lò ó kí wọ́n tó wọn ara rẹ̀, àmì tó ṣe pàtàkì jù lọ ti sá pamọ́ nìyẹn.

Bí kò bá sí ibà, á kọ́kọ́ jẹ nǹkan, bí ẹ̀kọ mímu. Parasitamọ́ọ̀lù jẹ́ milígíráàmù 15 fún kílò kan. Èyí jẹ́ 600 fún un, nítorí náà hóró kan tó jẹ́ 500 ló tọ́, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọjọ́ kan. Ibuprofẹ́nì ni wọ́n ń fi kún un bí ìrora bá ju bẹ́ẹ̀ lọ: hóró méjì tó jẹ́ 200, ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée, tàbí ẹni tó ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, kò gbọdọ̀ lo ibuprofẹ́nì. Tramadọ́ọ̀lù àti abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n kàn rà ní kẹ́míìsì kò yẹ nínú ilé, torí wọ́n lè rẹ èémí sílẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ náà kò dára, torí ọtí a máa lé omi kúrò lára.

Omi

Kíndìnrín ẹni tó jẹ́ SS kì í lè dá omi dúró dáadáa. Ìdí nìyí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òmíràn sì ń tọ̀ sórí ibùsùn títí di ìgbà ọ̀dọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ lè mọ́ gaara nígbà tí òǹgbẹ ti mú un dé egungun, nítorí náà àwọ̀ ìtọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń mọ̀ bóyá omi tó lára kò ṣeé gbára lé níbí. Ètè àti ahọ́n ló yẹ kí wọ́n wò, bóyá wọ́n ti gbẹ.

Fún kílò 40, omi tó tó ara lójúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà méjì, ìyẹn píọ́ wọ́tà oní-sẹ̀ńtílítà 50 mẹ́rin. Bó bá ń mu ìdá kan nínú mẹ́rin píọ́ wọ́tà kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó fi wà lójúfò, yóò pé. Ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ wà nínú ìṣirò náà. Mímu omi àmujù kò ní tú òpó tó ti dí.

Ooru

Ìgò omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n fi táwẹ́lì wé dára lórí ojúgun fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á kọ́kọ́ fi apá ara rẹ̀ dán an wò. Yìnyín kò yẹ rárá, torí òtútù ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn

Ibà tó tó 38.5 kò ṣeé dúró dè ilẹ̀ mọ́. Ọlọ inú, tó ń bá kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ jà, sábà máa ń ti bàjẹ́ láti kékeré lára ẹni tó jẹ́ SS, ikọlù kòkòrò sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Bákan náà ni àyà dídùn, ikọ́ tàbí mímí gúlegúle, tó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ló ti kàn. Apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ, ẹnu tó wọ́, orí fífọ́ líle, ojú tó funfun lójijì, èébì tí kò jẹ́ kí omi dúró, àti nǹkan ọkùnrin tó le fún wákàtí méjì, gbogbo wọn wà nínú èyí. Bí ìrora kò bá rọ̀ lẹ́yìn oògùn méjèèjì, tàbí tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á lọ.

Ní Òṣogbo, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ṣì ń pè ní Láútẹ̀ẹ̀kì, àti ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro wà nínú ìlú. Ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ oògùn, iye hóró, aago tó lò ó àti ìwọ̀n ibà sí ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè.