Ìwádìí onípìn-ín wúrà: bí a ṣe ń rí ibi tí fọ́ńṣọ̀n ti rẹlẹ̀ jù láì mọ ìdàgẹ̀rẹ́ rẹ̀

Ká ní a fẹ́ fi páànù ṣe agolo olóbìírípo tó ní ìdérí, tó sì máa gba lítà kan gbáko, ìyẹn 1000 sẹ̀ntímítà kúbíìkì. Bí ìdí agolo náà bá tín-ín-rín jù, yóò ní láti ga gan-an, páànù tó yí ara rẹ̀ ká á sì pọ̀. Bí ìdí bá fẹ̀ jù, ìdí àti ìdérí ni yóò jẹ páànù tán. Ìwọ̀n kan wà láàárín méjèèjì tó máa gba páànù tó kéré jù lọ. Bí r bá jẹ́ rédíọ́ọ̀sì, ìyẹn láti àárín ìdí agolo dé etí rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà, iye páànù tí a máa lò nìyí:

```
S(r) = 2πr² + 2000/r
```

Ẹni tó mọ káákúlọ́ọ̀sì lè rí ìdáhùn rẹ̀ kíákíá, nítorí pé fọ́múlà wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí fọ́múlà kankan. Nọ́ńbà náà lè ti inú ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ jáde, tàbí kó jẹ́ ohun tí a ń wọ̀n nínú yàrá ìwádìí. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni ká fún un ní r, kó sì dá iye kan padà fún wa. Ìwádìí onípìn-ín wúrà kò béèrè ju ìyẹn lọ. Ìdí tí a fi ń lo agolo níbí ni pé a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ṣáájú: rédíọ́ọ̀sì 5.419, pẹ̀lú páànù tó tó 553.58 sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin. A ó lè máa fi yẹ iṣẹ́ wa wò.

Májẹ̀mú kan ṣoṣo ló wà. Láàárín a àti b, tó jẹ́ òpin méjèèjì àlàfo tí a ń wá inú rẹ̀, fọ́ńṣọ̀n náà gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibì kan, kó sì máa gòkè láti ibẹ̀ lọ. Àfonífojì kan péré ni kó ní. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àmì méjì nínú àlàfo náà tó fún wa láti gé apá kan dànù. Ẹ jẹ́ ká pe èyí tó wà lápá òsì ní c, èyí tó wà lápá ọ̀tún ní d. Bí f(c), ìyẹn iye tí fọ́ńṣọ̀n dá padà ní c, bá kéré sí f(d), a jẹ́ pé fọ́ńṣọ̀n ti ń gòkè nígbà tó fi dé d, nítorí náà ìsàlẹ̀ àfonífojì kò lè wà lẹ́yìn d. A ó gé gbogbo ohun tó wà láàárín d àti b dànù. Bó bá jẹ́ f(d) ló kéré, apá tó wà láàárín a àti c la ó gé. Àmì kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: bí iye rẹ̀ bá tilẹ̀ kéré sí ti òpin méjèèjì, a ò ní mọ̀ bóyá apá òsì rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ wà tàbí apá ọ̀tún.

Ibo wá ni ká fi c àti d sí? Ibí yìí ni gbogbo ọgbọ́n ọ̀nà náà wà. Lẹ́yìn tí a bá ti gé apá kan, ọ̀kan nínú àmì méjèèjì ṣì wà nínú àlàfo tó kù, a sì ti mọ iye rẹ̀. Bí ipò rẹ̀ nínú àlàfo tuntun bá bá èyí tí a nílò mu gẹ́lẹ́, a ò ní ṣe ju ìṣirò tuntun kan lọ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ká ní gígùn àlàfo jẹ́ 1, tí a sì fi d sí ibi g. Kí apá òsì àti ọ̀tún lè dọ́gba, c gbọ́dọ̀ wà ní ibi 1 − g. Bí a bá gé apá tó wà lẹ́yìn d, gígùn tó kù jẹ́ g, a sì fẹ́ kí c di àmì apá ọ̀tún nínú rẹ̀, ìyẹn kó wà ní ibi g lọ́nà g. Èyí fún wa ní 1 − g = g², nọ́ńbà tó dájú ju òdo lọ tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn jẹ́ (√5 − 1)/2, ìyẹn 0.618034. Ìpín wúrà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ̀ láti ayé àwọn Gíríìkì ni. Kò sí nọ́ńbà mìíràn láàárín òdo àti ọ̀kan tó lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí agolo. A mọ̀ pé rédíọ́ọ̀sì tí a ń wá wà láàárín 2 àti 10, nítorí náà gígùn àlàfo jẹ́ 8. Àmì c bọ́ sí 5.0557, d sì bọ́ sí 6.9443. Páànù tí c gbà jẹ́ 556.19, ti d jẹ́ 591.00. Ti c ló kéré, nítorí náà a gé apá ọ̀tún, àlàfo wá di 2 sí 6.9443. 5.0557 ti di àmì apá ọ̀tún láì ṣe ìṣirò kankan sí i. Àmì tuntun apá òsì jẹ́ 3.8885, iye rẹ̀ sì jẹ́ 609.34. Ó ju 556.19 lọ, nítorí náà apá òsì la gé lọ́tẹ̀ yìí, ó wá ku 3.8885 sí 6.9443. Àmì tuntun bọ́ sí 5.7771, iye rẹ̀ jẹ́ 555.89.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ síbí. 556.19 àti 555.89 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹni tó ń fi ọwọ́ wọn nǹkan lè máa bẹ̀rù pé àṣìṣe díẹ̀ lè mú un gé apá tí kò yẹ. Ewu kò sí níbí, nítorí pé ìsàlẹ̀ àfonífojì wà láàárín àmì méjèèjì. Apá yòówù tí a bá gé, 5.419 ṣì wà nínú ohun tó kù. Ìgbà tí àmì méjèèjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà sí ìsàlẹ̀ ni ìfiwéra tó ṣì lè da iṣẹ́ rú. A tẹ̀lé 555.89, a gé apá òsì, ó ku 5.0557 sí 6.9443. Àmì tuntun 6.2229 fún wa ní 564.71, a tún gé apá ọ̀tún. Pẹ̀lú ìṣirò márùn-ún péré, àlàfo tó jẹ́ 8 ti di 1.167, láàárín 5.0557 àti 6.2229.

Bí a bá fẹ́ kí àlàfo kéré ju 0.01 lọ, ìgé 14 ló máa gbà, ìyẹn ìṣirò 15. Ẹni tó bá ń pín àlàfo sí mẹ́ta ọgbọọgba, tó ń sọ ìdá kan nù ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, yóò ṣe ìṣirò 34 kó tó dé ibẹ̀, nítorí pé kò sí àmì àtijọ́ tó bọ́ síbi tó wúlò fún un. Bí ìṣirò kọ̀ọ̀kan bá ń gba wákàtí kan, ìyàtọ̀ náà ju ọjọ́ méjì lọ tí a bá ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́.

Ní Python, bó ṣe rí nìyí:

```python
def ipin_wura(f, a, b, tol):
    g = (5**0.5 - 1) / 2
    c, d = b - g*(b - a), a + g*(b - a)
    fc, fd = f(c), f(d)
    while b - a > tol:
        if fc < fd:
            b, d, fd = d, c, fc
            c = b - g*(b - a)
            fc = f(c)
        else:
            a, c, fc = c, d, fd
            d = a + g*(b - a)
            fd = f(d)
    return (a + b) / 2
```

Kóòdù yìí máa ń ṣe ìṣirò kan lé kó tó yẹ gígùn àlàfo wò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni ìlà `g`. Ẹni tó bá kọ 0.618 síbẹ̀ lásán ń fi àṣìṣe kékeré pa mọ́. Bí àmì kan náà bá ń yè bọ́ ní ìpele lẹ́yìn ìpele, àṣìṣe ipò rẹ̀ kì í dín kù, bẹ́ẹ̀ àlàfo ń kéré sí i, títí c yóò fi lè bọ́ sápá ọ̀tún d. Nígbà náà, ìfiwéra ti di irọ́.

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé fọ́ńṣọ̀n ní ju àfonífojì kan lọ. Ẹ wo f(x) = (x² − 4)² + x láàárín −3 àti 5. Ó rẹlẹ̀ jù nítòsí x = −2, níbi tí iye rẹ̀ ti jẹ́ bíi −2.02. Ṣùgbọ́n àmì méjì àkọ́kọ́ bọ́ sí 0.056 àti 1.944, iye wọn sì jẹ́ 16.03 àti 1.99. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ la ti gé gbogbo apá òsì dànù, àti ìdáhùn tòótọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ètò náà á parí sí ibi tí iye ti jẹ́ bíi 1.98, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe lè fura ni pé ká tọ́jú gbogbo iye tí a ti ṣírò, ká tò wọ́n ní ìtẹ̀léra x. Ti agolo lọ báyìí: 609.34, 556.19, 555.89, 564.71, 591.00. Ó sọ̀, ó sì gòkè lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá rí i pé iye gòkè tó tún wá sọ̀ kalẹ̀, àfonífojì ju ọ̀kan lọ. Àmọ́ títò yìí kò lè fi ohun tí a kò fọwọ́ kàn hàn. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, kò sí àmì kankan tó bọ́ sápá òsì. Ìdí nìyẹn tó fi dára ká kọ́kọ́ ṣírò àmì bíi mẹ́wàá káàkiri àlàfo, ká sì wá yan mẹ́ta tó tẹ̀ léra tí ti àárín rẹlẹ̀ ju méjì tó kù lọ. Bí ètò bá sì parí sí ọ̀dọ̀ a tàbí b gan-an, ó ṣeé ṣe kí ìsàlẹ̀ wà lóde àlàfo. Ká fẹ̀ ẹ́ sí i.

Òpin tún wà fún bí ìdáhùn ṣe lè péye tó. Nítòsí ìsàlẹ̀, àfonífojì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Fún agolo wa, bí rédíọ́ọ̀sì bá yẹ̀ ní 0.001, páànù kò yí padà ju 0.00002 lọ. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń tọ́jú nọ́ńbà ní bíi díjíìtì 16. Nígbà tí ìyẹ̀sí bá ti kéré ju bíi 0.0000001 lọ, iye tó máa dá padà fún àmì méjèèjì kò ní ṣeé fi wéra mọ́. Bíi díjíìtì mẹ́jọ nínú x ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé, ìdajì ohun tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Ẹni tó bá fi `tol`, ìyẹn gígùn àlàfo tí kóòdù máa dúró sí, sí 1e-15 kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Jack Kiefer, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló tẹ ìpìlẹ̀ ọ̀nà yìí jáde ní 1953. Ó fi hàn pé bí a bá ti mọ iye ìṣirò tí a máa ṣe ṣáájú, nọ́ńbà Fibonacci, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ àròpọ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀, ló ń fún wa ní ipò àmì tó dára jù. Fún agolo wa, ìṣirò 15 lọ́nà yẹn á sọ àlàfo di bíi 0.0081 dípò 0.0095. Èrè kékeré ni, ó sì ní ká ti pinnu iye ìgbà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìpín wúrà gbà wá láyè láti dúró nígbàkigbà.

Nínú ètò tí àwọn ènìyàn ń lò lónìí, bíi `optimize` nínú R àti `minimize_scalar` nínú SciPy, a kì í sábà lo ìpín wúrà nìkan. Ọ̀nà tí Richard Brent gbé jáde ní 1973 ni wọ́n ń tẹ̀lé: ó ń fa ìlà títẹ̀ gba inú àmì mẹ́ta, ó sì ń fò lọ sí ìsàlẹ̀ ìlà náà, èyí tó máa ń yá gan-an nígbà tí a bá ti sún mọ́ ìdáhùn. Bí fífò náà bá fẹ́ jáde kúrò nínú àlàfo, tàbí tí kò dín kù tó bó ṣe yẹ, ètò náà á padà sí ìpín wúrà fún ìpele yẹn.