Mo kọ́pì géèmù lọ sí díráìfù D, Steam ní òun kò rí i

Ẹ̀gbọ́n, díráìfù C mi ti kún. Mo kọ́pì fódà ELDEN RING lọ sí D:\Games, mo sì pa ti C rẹ́. Ní báyìí Steam ní òun kò rí géèmù náà mọ́, ó fẹ́ kí n dáńlóòdù gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ọ̀nà àbáyọ wà?

Ó wà. Bí Steam bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáńlóòdù, ẹ kọ́kọ́ dá a dúró. Géèmù yín kò sọnù, ó wà lórí D digbí. Steam ni kò mọ̀ pé ó ti kó kúrò níbi tó wà.

Steam kì í wá inú díráìfù kiri láti mọ àwọn géèmù tí ẹ ní. Fún géèmù kọ̀ọ̀kan, ó ní fáìlì kékeré kan tó fi ń rántí rẹ̀. Orúkọ fáìlì náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú appmanifest, nọ́ńbà géèmù yẹn á sì tẹ̀ lé e. Ti ELDEN RING ni appmanifest_1245620.acf. Bí ẹ bá fi Notepad ṣí i, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ìlà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kàn wá nìyí:

```
"appid"       "1245620"
"name"        "ELDEN RING"
"StateFlags"  "4"
"installdir"  "ELDEN RING"
```

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn dáadáa. Orúkọ fódà nìkan ló wà níbẹ̀, kò sọ bóyá C ni tàbí D. Ibi tí fáìlì acf yìí fúnra rẹ̀ bá jókòó sí ni Steam fi ń mọ ibi tí géèmù wà. Bí acf bá wà nínú fódà steamapps kan, inú common tó wà nínú steamapps yẹn gan-an ni Steam á ti wá fódà ELDEN RING. Ẹ̀yin kó géèmù lọ sí D, acf ṣì wà lórí C. Steam ka acf ti C, ó wọ inú common ti C, ó bá a lófo, ló bá ní kí ẹ tún un dáńlóòdù.

Nítorí náà, ohun méjì la máa ṣe: a ó fi géèmù síbi tí Steam á ti rí i lórí D, a ó sì gbé acf tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Steam mọ̀ pé D wà. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Storage, ẹ tẹ orúkọ díráìfù tó wà lókè, kí ẹ sì yan Add Drive. Bí ẹ bá ti mú D, Steam á dá fódà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ SteamLibrary, steamapps á sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa Steam pátápátá. Àmì X tó wà ní igun ojú ìwé kì í pa á o, ńṣe ló kàn ń fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀. Inú mẹ́nù Steam lókè ni ẹ ti máa rí Exit. Bí Steam bá ṣì wà lójúfò nígbà tí ẹ ń ṣí fáìlì acf nípò, ó lè kọ ti tẹ́lẹ̀ padà sórí C, ìdààmú á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan gbígbé fódà. Ẹ gé ELDEN RING kúrò nínú D:\Games, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú common lórí D. Bí kò bá sí common níbẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín dá a, lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ibi tó yẹ kí nǹkan parí sí nìyí:

```
D:\SteamLibrary\steamapps\common\ELDEN RING\Game\eldenring.exe
```

Nítorí pé orí D kan náà ni ẹ ti ń gé e tí ẹ sì ń lẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Windows kò kó fáìlì kankan, àdírẹ́sì wọn nìkan ló yí padà. Bí ẹ bá rí i pé ó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún lọ díẹ̀díẹ̀, á jẹ́ pé kọ́pì ni ẹ ń ṣe, kì í ṣe gígé.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí C:\Program Files (x86)\Steam\steamapps, ẹ gé appmanifest_1245620.acf kúrò níbẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú D:\SteamLibrary\steamapps. Kì í ṣe inú common o, ẹ̀gbẹ́ common ni. Ẹ má ṣe fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ lórí C. Bí iye tó wà níwájú StateFlags kì í bá ṣe 4, ẹ má fọwọ́ yí i. 4 túmọ̀ sí pé géèmù wà níbẹ̀ ní pípé. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, Steam ní iṣẹ́ kan tí kò tíì parí lórí géèmù náà, òun fúnra rẹ̀ á sì yanjú rẹ̀.

Ẹ wá ṣí Steam. Géèmù á fara hàn pé ó wà lórí D. Kí ẹ tó tẹ Play, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà Installed Files, kí ẹ sì tẹ Verify integrity of game files. Steam á ka gbogbo fáìlì náà látòkè délẹ̀. Bí D bá jẹ́ díráìfù oníyíyí tó ń ka nǹkan bíi 120 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 60 gígàbáìtì á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kó parí.

Mo ti tẹ Uninstall kí n tó rí ìdáhùn yín. Kò sí acf kankan lórí C mọ́. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Kò tán. Ẹ ṣáà gbé fódà ELDEN RING sínú common lórí D bí mo ṣe sọ lókè, ẹ ṣí Steam, kí ẹ sì tẹ Install bí ẹni tí kò ní géèmù náà rí. Níbi tó ti ń béèrè ibi tí ẹ fẹ́ fi sí, ẹ mú D. Steam á bá àwọn fáìlì níbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò dípò kó máa dáńlóòdù.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni pé Steam máa ń gé fáìlì kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kan tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan, ó sì ní àmì ìdánimọ̀ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Á fi èyí tó wà lórí díráìfù yín wé àmì tirẹ̀. Èyí tó bá bára mu, kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá yàtọ̀ tàbí tí kò sí ló máa dáńlóòdù. Bí géèmù bá ti gba àtúnṣe láàárín ìgbà tí ẹ kọ́pì rẹ̀ sí ìsinsìnyí, ohun tó yí padà nìkan ni ẹ ó sanwó dátà fún.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń lọ dáadáa: díráìfù yín á máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan, íńtánẹ́ẹ̀tì yín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé rárá. Bó bá jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń sáré, tí iye tó kù láti dáńlóòdù sì súnmọ́ gbogbo géèmù, ẹ dá a dúró kíá. Lọ́pọ̀ ìgbà, fódà ló wà nínú fódà: common\ELDEN RING\ELDEN RING\Game. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ti dá fódà sílẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Tàbí kí orúkọ rẹ̀ ti di ELDEN RING - Copy. Ẹ pa Steam, ẹ tún un ṣe, ẹ tún ṣí i.

Kí ni ǹ bá ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀?

Steam ní bọ́tìnnì tirẹ̀ fún un, òun ni mo sì fara mọ́ jù. Bí ẹ bá ti fi D kún Storage, ẹ lọ sí Properties géèmù náà, Installed Files, kí ẹ tẹ Move install folder. Á gbé géèmù àti acf pọ̀. Kìkì pé kí ẹ rí i pé àyè wà lórí D, kí géèmù má sì wà ní ṣíṣí. Bó bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ ṣí content_log.txt tó wà nínú fódà logs ti Steam, ẹ wo àwọn ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ ó sábà rí ìdí tó fi dúró níbẹ̀.

Díráìfù tí mò ń fi gbé e kọ̀. Ó ní fáìlì náà tóbi jù, bẹ́ẹ̀ 100 gígàbáìtì ló ṣófo lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti àyè. Díráìfù yẹn wà ní FAT32, tí kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 gígàbáìtì, ì báà jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣófo. Ìlà tí Windows máa ń kọ ni *The file is too large for the destination file system*. Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fọ́ọ̀màtì rẹ̀ sí NTFS. Fọ́ọ̀màtì á pa gbogbo ohun tó bá wà lórí rẹ̀ rẹ́ o.

Ibi tí mo bá eré dé ńkọ́?

Ti ELDEN RING kò sí nínú fódà géèmù rárá, %APPDATA%\EldenRing ló wà, lórí C. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ibi àdírẹ́sì File Explorer, á ṣí. Ẹ fi í síbẹ̀, géèmù mọ̀ ọ́n. Àmọ́ àwọn géèmù kan ń fi ti wọn sínú fódà géèmù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó pa fódà ti àtijọ́ rẹ́, ẹ ṣí géèmù láti ibi tuntun, kí ẹ rí i pé ibi tí ẹ bá a dé ṣì wà níbẹ̀.

Èmi kò lo Steam, Epic Games Launcher ni tèmi.

Àrékérekè kékeré kan ni tiyín. Ẹ kọ́pì fódà géèmù sí D pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kí ẹ tó yọ géèmù kúrò nínú Epic. Ẹ wá tẹ Install, kí ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ lórí D. Nígbà tó bá dé ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ dá a dúró, ẹ pa Epic pátápátá. Ní àsìkò yìí, ó ti dá fódà tuntun sílẹ̀. Ẹ lẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀dà yín sínú rẹ̀, kí ẹ gbà á láyè láti rọ́pò èyí tó bá níbẹ̀. Ẹ ṣí Epic, ẹ tẹ Resume. Á yẹ àwọn fáìlì wò, ìdá ọgọ́rùn-ún náà á sì fò sókè láìjẹ dátà. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdá mẹ́ta tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń sáré, ẹ̀dà yín ti jókòó síbi tí kò yẹ, ẹ yẹ inú fódà náà wò bóyá òun náà ti wà nínú ara rẹ̀.