Wúrà funfun tó pọ́n kì í ṣe ayédèrú

Oníbàárà á yọ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, á dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì alágbẹ̀dẹ wúrà, á ní: "Ẹ wò ó, ó ti ń pọ́n. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé láti inú ilẹ̀ ni wúrà funfun ti funfun wá, pé èyí tó bá yí àwọ̀ padà láàárín ọdún kan, ayédèrú ni. Á tún fi kún un pé ká ní pílátínọ́ọ̀mù ni òun rà ni, nǹkan kan ò lè ha á lára. Àṣìṣe pátápátá ni ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ.

Pupa ni gbogbo wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀. Èyí tí à ń pè ní wúrà funfun káráàtì 18 jẹ́ ìdá 75 nínú 100 wúrà pupa yìí kan náà, tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ paládíọ̀mù tàbí níkẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú bàbà àti síńkì díẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn irin àdàlù yìí ló ń pa àwọ̀ pupa náà, àmọ́ wọn kì í sábà pa á tán. Òrùka tí wọn kò tíì fi nǹkan kan bò máa ń ṣe bí eérú, tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Funfun tó ń kọ mànà lójú ní ṣọ́ọ̀bù, ródíọ̀mù ni. Ẹbí pílátínọ́ọ̀mù ni irin náà, iná mànàmáná ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òrùka. Nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírọ́ọ̀nù sí máíkírọ́ọ̀nù kan lọ, bẹ́ẹ̀ irun orí èèyàn kan tó nǹkan bí 70 máíkírọ́ọ̀nù.

Ródíọ̀mù le gan-an, ó le ju wúrà lọ fíìfíì. Fífẹ́lẹ́ rẹ̀ ló ń pa á. Ìsàlẹ̀ òrùka, níbi tó kọjú sí àtẹ́lẹwọ́, ló ti ń kọ́kọ́ ṣí, nítorí ibẹ̀ ló ń pàdé ọwọ́ báàgì, sítíárìn ọkọ̀ àti etí ìkòkò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ródíọ̀mù ló lọ tàbí ẹ ti ra ayédèrú, ẹ gbé òrùka náà sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ wé orí rẹ̀. Tí orí bá ṣì funfun, tí ìsàlẹ̀ wá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ láìsí ibi tó ṣí bí èèpo, ródíọ̀mù ló ń jẹ tán. Tí ó bá ń bó, tí abẹ́ rẹ̀ rí bíi bàbà tàbí idẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ wo òǹtẹ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú: 750 ni ti káráàtì 18, 950 ni ti pílátínọ́ọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gba kí wọ́n ta wúrà tó ju giramu 1 lọ, tàbí pílátínọ́ọ̀mù tó ju ìdajì giramu lọ, ní orúkọ rẹ̀ láìní òǹtẹ̀ àyẹ̀wò. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni òǹtẹ̀ ọ́fíìsì àyẹ̀wò ti Lọ́ńdọ̀nù.

Títún un bò kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Tí òrùka náà bá nílò fífẹ̀ tàbí jíjó, ìyẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, torí iná máa ń ba àwọ̀ ródíọ̀mù jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dán an títí gbogbo ìlà á fi parẹ́. Ródíọ̀mù kì í dí ìlà. Bí ojú irin bá ṣe rí ló ṣe máa tẹ̀ lé e, ìlà tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ á tàn jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn ìdọ̀tí, wọ́n á fi ooru omi fọ̀ ọ́, wọ́n á tún fi iná mànàmáná fa ọ̀rá tó kù jáde, kí wọ́n tó rì í sínú ásíìdì díẹ̀, kí wọ́n sì ṣan án. Inú omi ródíọ̀mù gan-an, iná mànàmáná fóòtì 2 sí 3 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ti tó fún ọ̀pọ̀ òrùka. Ẹni tó bá fi ìka ọwọ́ kàn án lẹ́yìn fífọ̀ ti fi ọ̀rá sí i, ibẹ̀ ni yóò sì ti bó. Ẹni tó fi iná mànàmáná tó pọ̀ jù sí i á rí òrùka tó dúdú. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ sábà máa ń padà wá láàárín ọdún kan sí méjì. Ẹ má ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbogbo dídán ló ń bù lára wúrà náà.

Pílátínọ́ọ̀mù kò nílò èyí, nítorí pé funfun rẹ̀ dé inú. Àmọ́ ó ń ha, kódà ó ń ha kíákíá. Lórí òṣùwọ̀n líle ti Fíkàsì, pílátínọ́ọ̀mù 950 tí wọ́n fi rutẹ́níọ̀mù lú máa ń wà ní nǹkan bí 130, nígbà tí wúrà funfun oníníkẹ́ẹ̀lì máa ń tó 200. Ibi tí pílátínọ́ọ̀mù ti borí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin tí nǹkan bá ha á. Wúrà á fẹ́ já kúrò. Pílátínọ́ọ̀mù á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ẹ ó rí ebè kékeré kan létí ìlà náà. Irin ṣì wà níbẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ á lọ, ojú rẹ̀ á ṣú bí eérú. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá òrùka tí yóò máa dán bíi dígí láìfọwọ́ kàn án kò ní rí i lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ má sì wọ méjèèjì pọ̀ sórí ìka kan: èyí tó le á máa ha èkejì.

Ó ku ti owó, ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Ká mú òrùka kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 4, tó nípọn tó 1.8, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀bìrìbìrì díẹ̀. Irin inú rẹ̀ gba ààyè tó tó 0.4 mìlílítà. Tí ó bá jẹ́ wúrà funfun káráàtì 18, yóò wọn nǹkan bí giramu 6, wúrà gidi inú rẹ̀ á sì jẹ́ 4.5. Òrùka kan náà ní pílátínọ́ọ̀mù 950 á wọn nǹkan bí 8.2, èyí tí 7.8 nínú rẹ̀ jẹ́ pílátínọ́ọ̀mù gidi. Ìdí nìyí tí ìfiwéra owó giramu sí giramu fi ń ṣini lọ́nà.

Láti 2015 ni giramu wúrà ti wọ́n ju ti pílátínọ́ọ̀mù lọ. Ká sọ pé giramu wúrà jẹ́ 100 pọ́n-ùn: wúrà inú òrùka wa jẹ́ 450. Tí giramu pílátínọ́ọ̀mù kò bá tó 58 pọ́n-ùn, irin inú òrùka pílátínọ́ọ̀mù ló pọ́ọ́kú jù. Síbẹ̀ ó lè wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́. Ìwọ̀n ooru 1,768 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ẹ̀síọ̀sì ni pílátínọ́ọ̀mù ti ń yọ́, nígbà tí wúrà gidi ń yọ́ ní 1,064. Ó nílò irinṣẹ́ tirẹ̀, dídán rẹ̀ sì ń gba àkókò. Nítorí náà, ẹ ní kí olùtajà kọ iye irin àti iye iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá jẹ́ wúrà funfun, kó kọ ọ́ sí i bóyá níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi lú u, torí níkẹ́ẹ̀lì máa ń mú awọ ẹlòmíì yún, pàápàá tí ródíọ̀mù bá ti jẹ tán, àti iye tí yóò gbà nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ń tún un bò.