Kí ló dé tí TITLE kò fi bá title dọ́gba lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo èdè Túrkì?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Java ni mo fi kọ ètò kan tó ń ka fáìlì. Àwọn tó ń lò ó lè kọ title, wọ́n sì lè kọ TITLE. Mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré kí n tó fi wọ́n wéra. Kò yọ mí lẹ́nu rí, àfi ìgbà tí ẹnì kan ní Túrkì kọ̀wé sí mi pé ètò náà kò mọ TITLE, bẹ́ẹ̀ ó mọ NAME. Fáìlì kan náà ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Lẹ́tà I tó wà nínú TITLE ni. NAME kò ní I nínú, ìdí nìyẹn tó fi là á já.

Èdè Túrkì ní fáwẹ̀lì méjì tí ojú wọn jọra. Ọ̀kan ní dọ́ọ̀tì lórí, i. Èkejì kò ní, ı. Ìró wọn yàtọ̀: iwájú ẹnu ni wọ́n ti ń pe i, ṣùgbọ́n ahọ́n máa ń fà sẹ́yìn fún ı. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì lè tìdí rẹ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ náà ilik ni mùdùnmúdùn inú eegun. Ọ̀rọ̀ náà ılık ni ohun tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Túrkì gba álífábẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́dún 1928, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà ńlá tirẹ̀: i di İ, ı di I. Lójú tèmi, ìlànà wọn mọ́gbọ́n dání ju ti àwọn tó kù lọ, torí ẹni tó bá ń ka İLİK àti ILIK kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Asẹrbaijan náà ń tẹ̀lé ìlànà kan náà.

Java mọ gbogbo èyí. Bí ẹ bá pe `toLowerCase()` láìfi nǹkan kan sínú àkámọ́ rẹ̀, yóò wo èdè tí wọ́n yàn fún kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò náà, yóò sì ṣe bí èdè yẹn ṣe ń ṣe. Lọ́dọ̀ yín, title ló mú jáde. Lọ́dọ̀ onítọ̀hún, tıtle ni. Ojú lè fò ó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń fi wéra: U+0069 ni i, U+0131 ni ı, wọn kò sì lè dọ́gba láé.

Ẹ kò nílò láti dé Túrkì kí ẹ tó rí i. Ẹ pe ètò yín báyìí lórí kọ̀ǹpútà tiyín:

```
java -Duser.language=tr -Duser.country=TR Eto
```

Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ pé àìsàn yìí ni pé kìkì ọ̀rọ̀ tó ní I tàbí i nínú ló ń kọ̀: TITLE, WIDTH, ID, INSERT. Àwọn tó kù á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àtúnṣe rẹ̀ kò pọ̀:

```java
"TITLE".toLowerCase()             // "tıtle" lórí kọ̀ǹpútà Túrkì
"TITLE".toLowerCase(Locale.ROOT)  // "title"
```

`Locale.ROOT` ń sọ fún Java pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èdè kankan. Òtítọ́ sì ni: title inú fáìlì yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ Túrkì, kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Orúkọ tí ẹ̀yin àti ẹ̀rọ jọ fẹnu kò lé lórí ni, kò sì yẹ kí ó máa yí padà bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń yí padà.

Mo fẹ́ kí ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ ti lò ó, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ni àṣìṣe yìí ti máa ń pariwo. Ká ní ètò yín, lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo èdè Túrkì, ń dènà àdírẹ́sì tó bá fi file: bẹ̀rẹ̀, kí àlejò má baà ka fáìlì inú sáfà. Ẹnì kan kọ FILE:, ètò sọ ọ́ di fıle:, ó fi wé file:, ó rí i pé wọn kò jọra, ó sì jẹ́ kó kọjá. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ẹni tó yẹ kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ìta ti wọlé.

Ìbéèrè: Ṣé lẹ́tà i nìkan ló ní irú wàhálà yìí?

Ìdáhùn: Rárá, ṣùgbọ́n òun ló le jù, torí òun ló ń yí padà láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ti Jámánì àti ti Gíríìkì dúró sójú kan. Bí ẹ bá sọ straße di lẹ́tà ńlá, STRASSE ló ń dà: lẹ́tà mẹ́fà di méje. Nítorí náà, ètò tó ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé ẹnìkejì rẹ̀ kò lè rí wọn bí ọ̀kan. Gíríìkì ní Σ kan ṣoṣo ní lẹ́tà ńlá, ṣùgbọ́n kékeré rẹ̀ jẹ́ méjì: σ láàárín ọ̀rọ̀, ς níparí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú máa lo equalsIgnoreCase níbi gbogbo, kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ èdè?

Ìdáhùn: Fún àwọn orúkọ inú fáìlì yín, ó dára, kò bìkítà nípa èdè kọ̀ǹpútà. Fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ fún èèyàn, kò dára. Ńṣe ló ń sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di ńlá, tí wọn kò bá sì jọra, ó tún sọ wọ́n di kékeré. ı á di I, I á sì di i. Ní ìgbẹ̀yìn, i, ı, İ àti I di ọ̀kan náà lójú rẹ̀, ẹni tó bá wá ılık yóò sì bá mùdùnmúdùn eegun pàdé. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Túrkì ni, ẹ sọ fún un: `toLowerCase(Locale.forLanguageTag("tr"))`.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣọ́ra jù ni orúkọ àti àdírẹ́sì ímeèlì àwọn tó ń wọlé. Ìlànà Unicode fún yíyọ ìyàtọ̀ ńlá àti kékeré kúrò fi ı sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sọ ọ́ di i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá, I ló ń dà. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀nà méjì tí ẹ rò pé wọ́n jẹ́ ọ̀kan lè fún yín ní ìdáhùn méjì. Ẹ wò ó: ali@example.com ti wà nínú àkọsílẹ̀ yín. Ẹnì kan tó ni alı@example.com ní òun gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Ètò sọ méjèèjì di lẹ́tà ńlá, ALI@EXAMPLE.COM, ó sì rí àkáǹtì Ali. Ó wá fi líǹkì tí wọ́n fi ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ Ali bọ́ sí.

Nítorí náà, àdírẹ́sì tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sójú ìwé. Ẹ sì yan ọ̀nà ìfiwéra kan ṣoṣo, òun náà ni kí ẹ lò nígbà ìforúkọsílẹ̀ àti nígbà ìwọlé. Ẹ tọ́jú orúkọ bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́ gan-an, kí ẹ fi ẹ̀dà tí ẹ fi ń wéra sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kó ẹ̀dà yẹn nìkan pa mọ́, kò sí ètò tó lè dá a padà mọ́, torí i kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá I ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, tàbí i.