HDMI-CEC: Bí rìmóòtù kan ṣe ń darí ẹ̀rọ púpọ̀, àti ìdí tí tẹlifíṣàn fi ń yí ojú padà fúnra rẹ̀

Okùn HDMI tí a fi so dìkódà mọ́ tẹlifíṣàn kò gbé àwòrán àti ohùn nìkan. Ojú irin 19 ló wà ní ẹnu okùn náà, èyí tó wà ní ipò 13 kò sì bá àwòrán tan rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí àwọn ẹ̀rọ tí a so pọ̀ máa ránṣẹ́ kékeré sí ara wọn. Ètò ìránṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní HDMI-CEC, ó sì ti wà nínú HDMI láti ìgbà tí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní ọdún 2002. Ìlànà náà fi dandan lé e pé kí wáyà yìí wà, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lò ó, ìdí nìyẹn tí dìkódà kan fi lè gbọ́ràn sí rìmóòtù tẹlifíṣàn nígbà tí òmíràn kò ní dáhùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní i nílé tí wọn kò mọ̀, nítorí pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fún un ní orúkọ tó wù ú. Lórí tẹlifíṣàn Samsung, Anynet+ ni ẹ ó rí. Lórí LG, SIMPLINK ni. Sony ń pè é ní BRAVIA Sync, Panasonic sì ń pè é ní VIERA Link. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn tó ń lo Android TV, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni `HDMI control`. Ohun kan náà ni gbogbo wọn.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì lórí rìmóòtù tẹlifíṣàn, tẹlifíṣàn nìkan ló rí iná àìrí tí rìmóòtù náà tàn. Bí ó bá jẹ́ pé dìkódà ni ẹ ń wò lọ́wọ́, tẹlifíṣàn á yí bọ́tìnì náà padà sí ìránṣẹ́, á sì fi wáyà CEC rán an sí dìkódà pé wọ́n ti tẹ ọfà òkè, tàbí pé wọ́n ti tẹ OK. Nítorí náà, dìkódà lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kó sì máa gbọ́ràn síbẹ̀. Àwọn ọfà, OK àti bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn sábà máa ń kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn bọ́tìnì aláwọ̀ àti èyí tó ń ṣí àtòjọ ètò dìkódà lè má kọjá, nítorí pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń yan èyí tí yóò dá lóhùn. Ẹ má tíì ju rìmóòtù dìkódà nù. Ti ohùn yàtọ̀ díẹ̀: bí ẹ̀rọ agbóhùnjáde gbọọrọ bá wà lábẹ́ tẹlifíṣàn, tí wọ́n sì ti so ó mọ́ ojú ihò tí wọ́n kọ ARC sí, bọ́tìnì ohùn kò ní í darí tẹlifíṣàn mọ́, ẹ̀rọ agbóhùnjáde náà ni yóò máa gbà á. Ní tèmi, iṣẹ́ kan yìí nìkan tó láti mú kí ènìyàn fi CEC sílẹ̀ ní títàn.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wáyà kan ṣoṣo ni gbogbo ojú ihò HDMI ara tẹlifíṣàn jọ ń lò. Ó dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé, tí ẹnì kan kò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kí àwọn yòókù má gbọ́. Ẹ̀rọ tó wà lójú HDMI 3 lè ránṣẹ́ nígbà tí ẹ ń wo HDMI 1, tẹlifíṣàn yóò sì gbọ́ ọ. Kí ìránṣẹ́ má baà ṣì lọ, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: tẹlifíṣàn ni 0, ẹ̀rọ agbóhùnjáde ni 5, dìkódà sì máa ń gba 3, àfi bí ẹlòmíràn bá ti gbà á ṣáájú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tún mọ ojú ihò tí wọ́n so ó mọ́. Tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún un: ẹni tó wà ní HDMI 1 yóò mọ ara rẹ̀ sí 1.0.0.0, ẹni tó wà ní HDMI 3 yóò mọ ara rẹ̀ sí 3.0.0.0.

Nínú gbogbo ìránṣẹ́ tí wọ́n ń rán, mẹ́ta péré ló ń fa ọ̀pọ̀ wàhálà. Èkíní ni `Image View On`, tó túmọ̀ sí pé kí tẹlifíṣàn jí. Èkejì ni `Active Source`, tí ẹ̀rọ fi ń kéde fún gbogbo ilé pé òun ló ní àwòrán tí wọ́n máa wò báyìí, tó sì ń sọ ojú ihò tí òun wà. Ẹ̀kẹta ni `Standby`, tó ń ní kí ẹ̀rọ lọ sùn. Kò sí ẹni tí tẹlifíṣàn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí òun gbà fún ẹni tó kéde. Ẹni tó kéde kẹ́yìn ló ni ojú tẹlifíṣàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìtòsí LAUTECH, níbi tí iná ti máa ń lọ tí ó sì máa ń dé láìsọtẹ́lẹ̀. Dìkódà wà ní HDMI 1, ẹ̀rọ agbóhùnjáde wà ní HDMI 2, ẹ̀rọ Chromecast kékeré tí ọmọ ilé fi ń gbé fídíò láti orí fóònù wá sí ojú tẹlifíṣàn sì wà ní HDMI 3. Iná lọ ní alẹ́, wọn kò sì pa súwíìṣì kankan lára ògiri. Nígbà tó di aago méjì òru, iná dé. Tẹlifíṣàn kò tàn, iná pupa kékeré rẹ̀ nìkan ló yọ. Ṣùgbọ́n dìkódà jẹ́ irú èyí tó máa ń tan fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí iná bá wọlé, nígbà tó sì gbérasọ tán, ó rán `Image View On`, ó sì rán `Active Source` tẹ̀ lé e. Báyìí ni tẹlifíṣàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ tí kò sí ẹnì kankan, tí ìyá àgbà fi jí, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó lé ohun tó wọlé lọ. Dìkódà ló wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, baba ń wo ìròyìn lórí HDMI 1. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní yàrá tẹ àwòrán kékeré kan lórí fóònù rẹ̀ láti wo bọ́ọ̀lù, nítorí pé Wáífáì kan náà ni gbogbo ilé ń lò. Chromecast jí, ó kéde `Active Source` láti 3.0.0.0, ìròyìn sì pòórá lójú baba.

"Tọ́lá, ta ló yí tẹlifíṣàn yìí?"

"Ẹ má bínú, Dádì, n kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án."

Òótọ́ ni Tọ́lá sọ, nítorí pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kan tẹlifíṣàn tàbí rìmóòtù rẹ̀. Baba padà sí HDMI 1, ìròyìn sì tún jáde, ṣùgbọ́n bí Tọ́lá bá tún fi fídíò mìíràn ránṣẹ́, yóò tún fò. Nígbà tí baba wá fi ìbínú pa tẹlifíṣàn, tẹlifíṣàn rán `Standby` sí gbogbo wọn, orin tí ìyá ilé ń fi Bluetooth gbọ́ láti inú ẹ̀rọ agbóhùnjáde sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Bọ́tìnì kan ló tẹ̀, ohun mẹ́ta ló kú.

Láti mọ ẹ̀rọ tó ń dá wàhálà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ihò tí tẹlifíṣàn fò lọ. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ló kéde. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni tẹlifíṣàn ń tan fúnra rẹ̀, ojú ihò tó ṣí sí ni kí ẹ fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ okùn HDMI ẹ̀rọ náà kúrò lára tẹlifíṣàn pátápátá, kí ẹ sì pa súwíìṣì ògiri kí ẹ tún tàn án, bí ẹni pé iná lọ tó sì dé. Bí tẹlifíṣàn kò bá tàn fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ ti rí i. Yíyí tẹlifíṣàn sí ojú ihò mìíràn kò tó láti dán an wò, nítorí pé tẹlifíṣàn ṣì ń gbọ́ gbogbo wọn lórí wáyà náà.

Ohun tí mo máa ń rọ àwọn ènìyàn sí ni pé kí wọ́n má sáré pa CEC lápapọ̀ lórí tẹlifíṣàn, nítorí pé ìdarí ohùn yóò bá a lọ. Ẹ wá àwọn ìpín rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn Android TV, ẹ wọ `Settings`, kí ẹ lọ sí `Device Preferences`, kí ẹ sì ṣí `Inputs`. Ẹ ó rí i pé `TV auto power on` wà lọ́tọ̀ sí `HDMI control`. Bí ẹ bá pa á, dìkódà kò ní lè jí tẹlifíṣàn ní òru mọ́. `Device auto power off` wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun lẹ ó pa bí ẹ kò bá fẹ́ kí pípa tẹlifíṣàn máa pa orin. Fífò láti ojú kan sí òmíràn ló le jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn kò ní bọ́tìnì tó dá dúró fún un. Inú ẹ̀rọ tó ń kéde ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti pa CEC rẹ̀. Bí kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà okùn kékeré kan wà tí wọ́n ń kì sáàárín ẹ̀rọ àti tẹlifíṣàn, tí wọ́n ti yọ ojú irin 13 kúrò nínú rẹ̀: àwòrán àti ohùn yóò kọjá, ìkéde kò ní kọjá. Ní ilé baba Tọ́lá, ara Chromecast ni wọn yóò fi okùn yìí sí, dìkódà àti ẹ̀rọ agbóhùnjáde yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí iná ti lọ tó sì dé léraléra, wáyà náà lè dàrú débi pé rìmóòtù tó ń darí dìkódà ní àná kò ní í darí rẹ̀ mọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò yí ètò kankan padà. Fífi rìmóòtù pa àwọn ẹ̀rọ náà kò ní ṣe ohunkóhun sí i, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń sùn ṣì di nọ́ńbà rẹ̀ mú. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo wọn kúrò lára ògiri, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ tan tẹlifíṣàn, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ agbóhùnjáde, lẹ́yìn náà dìkódà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kan tàn tán kí ẹ tó tan èyí tó kàn.